Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìwé Ṣọ́ọ̀tì àti Pílánù fún Síìnì Tí Ẹni Méjì Ti Ń Sọ̀rọ̀

Síìnì fíìmù kan ṣoṣo ni mo fi dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò kiri. Délé, ọmọ ọdún 28, wá bá ìyá rẹ̀ nílé ní Ìbàdàn. Ó ní kí Màmá fún òun ní ìwé ilẹ̀, kí òun lè fi yá owó tí òun máa fi lọ sí Kánádà. Màmá ń yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, títí ó fi jẹ́wọ́ pé ìwé náà kò sí lọ́wọ́ òun mọ́, òun ti fi dógò nígbà tí Délé wà ní yunifásítì. Délé dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Wọ́n sọ gbólóhùn mélòó kan sí i láìwo ojú ara wọn, síìnì sì parí. Ojú ìwé méjì àtààbọ̀ ni nínú ìwé eré. Ojú ìwé kan máa ń sún mọ́ ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ẹ ka síìnì yìí sí bí ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, ìwé ṣọ́ọ̀tì ni àbí pílánù?

Pílánù ni. Ìwé ṣọ́ọ̀tì ni ìwé tí a to gbogbo ṣọ́ọ̀tì sí, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà máa yà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ ìwé ṣọ́ọ̀tì lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, tí wọ́n á kọ wáìdì tó gba gbogbo yàrá, kúlóòsì tó gba ojú Màmá nìkan, kúlóòsì Délé, tí wọ́n á sì sùn. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ bóyá àyè wà lẹ́yìn àga Màmá tí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà lè dúró sí. Kò mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Pílánù ló mọ̀ ọ́n. Pílánù tí mo ń wí kò ju àwòrán yàrá láti òkè lọ, bí ẹni ṣí òrùlé ilé kúrò tí ó wá ń wo inú pálọ̀: ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga, ibi tí òṣèré wà, ibi tí kámẹ́rà wà. Bí ẹ bá ti rí i pé kámẹ́rà gba ibì kan, ìgbà yẹn ni ẹ ó tó kọ ṣọ́ọ̀tì náà sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó tún ṣáájú pílánù: kíka ìwé eré.

Kí ni kí n máa wá nígbà tí mo bá ń ka ìwé eré?

Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí. Nínú síìnì tí ẹni méjì ti ń sọ̀rọ̀, ibì kan sábà máa ń wà tí nǹkan kò tún lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Nínú ti Délé àti Màmá, ibẹ̀ ni gbólóhùn tí Màmá fi sọ pé, "Ìwé yẹn ò sí nílé yìí, Délé." Mo fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ. Ohun tó wà lókè ìlà náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ tí wọ́n ṣì jọ wà pọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí kálukú ti dá wà.

Ìlà pupa yẹn ló pín ṣọ́ọ̀tì fún mi. Kí a tó débẹ̀, mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì wà nínú àwòrán kan náà: bí Màmá bá ń sọ̀rọ̀, kí a rí èjìká Délé níwájú, bí Délé bá ń sọ̀rọ̀, kí a rí èjìká Màmá. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti yí, èjìká kúrò, ojú kan ṣoṣo ló kù nínú àwòrán. Bí a bá ti ná ojú Màmá tó sún mọ́ wa gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ohun tí a ó fi kún un nígbà tó bá ń jẹ́wọ́.

Ẹ tún sàmì sí gbogbo ibi tí ara ènìyàn ti kúrò lójú kan. Nínú síìnì yìí, mẹ́rin ni: Délé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó dìde lọ sí ojú fèrèsé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà lórí pílánù.

Báwo ni mo ṣe ń ya pílánù náà?

Ẹ mú téèpù lọ sí ilé tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe fojú wọ̀n ọ́n. Pálọ̀ tí mo ń lò fún àpẹẹrẹ yìí jẹ́ mítà 5 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀. Lórí bébà, mo fi sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún mítà kan, nítorí náà yàrá náà di sẹ̀ǹtímítà 10 sí 8, tí ojú ìwé ìkọ̀wé kan gbà dáadáa. Òkè bébà ni àríwá. Ògiri ọwọ́ òsì, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ni fèrèsé wà. Ògiri ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀kùn wà, nítòsí igun ìsàlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àti kọ́bọ́ọ̀dù wà lára ògiri ìsàlẹ̀, wọ́n á kúrò níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni kámẹ́rà wáìdì máa wà.

Òṣèré, ẹ fi róbótó yà á, kí ẹ sì fi imú ṣóńṣó sí i lójú, kí a lè mọ ibi tó kọjú sí. Kámẹ́rà, ẹ fi àmì V yà á, ẹnu V ni ibi tó ń wò. Kí gbogbo kámẹ́rà ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà sì bá ti inú ìwé ṣọ́ọ̀tì mu. Bí òṣèré bá rìn, ẹ fa ọfà, kí ẹ ya róbótó mìíràn síbi tó dé. Ẹ kọ ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà níta, àti ibi tí ẹni tó di ọ̀pá máìkì mú máa dúró, torí bí ẹ kò bá fún un láyè lórí bébà, òjìji ọ̀pá rẹ̀ ni ẹ ó rí lára ògiri.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kì í ṣe bírò. Nínú pálọ̀ yìí, mo kọ́kọ́ gbé àga Màmá sí ibi tí orí rẹ̀ fi jìnnà sí ògiri fèrèsé ní mítà 1.2, mo wá gbé Délé sí iwájú rẹ̀ ní mítà 1.6. Ó dára lójú. Ìgbà tí mo wá ya kámẹ́rà tó máa wo Délé láti ẹ̀yìn èjìká Màmá, mo rí i pé kámẹ́rà yẹn, tó gbọ́dọ̀ jìn sẹ́yìn Màmá ní sẹ̀ǹtímítà 70, á ku ìdajì mítà péré kó kan ògiri. Oníkámẹ́rà wo ló fẹ́ há sínú ìdajì mítà? Mo pa á rẹ́, mo sún àwọn méjèèjì síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú írésà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni, tí iná ti wà nílẹ̀, ìdajì wákàtí ni.

Ìlà tí àwọn oníkámẹ́rà máa ń sọ pé kí a má ṣe kọjá, ibo ló wà gan-an?

Ó wà láàárín ojú ẹni méjì tó ń wo ara wọn. Ẹ mú rúlà, ẹ fa ìlà láti imú róbótó Màmá dé imú róbótó Délé, kí ẹ sì jẹ́ kó gùn kọjá lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ẹ yan apá kan. Gbogbo kámẹ́rà yín á wà ní apá yẹn.

Ẹni tó bá ti wo eré orí ìtàgé rí mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Nínú gbọ̀ngàn eré, iwájú ni àwọn òǹwòran jókòó sí. Bí Màmá bá wà ní òsì, tí Délé wà ní ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe rí fún gbogbo ẹni tó jókòó, ìbáà ṣe ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ ìtàgé tàbí ẹni tó wà ní àga ẹ̀yìn. Àyàfi bí ẹnìkan bá lọ sí ẹ̀yìn ìtàgé tó wá yọjú láti ibi kọ́tìnì, òun nìkan ni òsì á di ọ̀tún fún. Ẹni tó ń wo fíìmù kò kúrò lórí àga rẹ̀. Bí a bá gbé kámẹ́rà lọ sí ẹ̀yìn ìlà, àwa la gbé e lọ sẹ́yìn ìtàgé láìsọ fún un.

Nínú pílánù mi, ìsàlẹ̀ ìlà ni mo yàn. Màmá ń wo ọ̀tún nínú gbogbo ṣọ́ọ̀tì rẹ̀, Délé ń wo òsì. Bí kámẹ́rà bá kọjá sí òkè ìlà fún ṣọ́ọ̀tì Délé nìkan, Délé náà á máa wo ọ̀tún, á sì dà bíi pé ìyá àti ọmọ jọ ń wo ẹnìkẹta tí a kò rí.

Èyí ṣẹlẹ̀ sí mi nínú iṣẹ́ kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A kò mọ̀ títí a fi dé ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń gé fíìmù. A ní kí a yí àwòrán náà po, kí ọ̀tún di òsì, ó sì jọ pé ó bọ́ sí i, àfi ìgbà tí a rí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́yìn òṣèré: gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn síni. A ní láti yọ ṣọ́ọ̀tì yẹn kúrò pátápátá, ọ̀rọ̀ tó dùn jù nínú síìnì náà sì bá a lọ.

Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, kí n tó ya ohunkóhun?

Méjì wà. Èkíní ni èjìká. Bí kámẹ́rà bá wo Délé láti ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún Màmá, èjìká òsì Délé ló gbọ́dọ̀ fi wo Màmá. Bí ìwé ṣọ́ọ̀tì yín bá ka ọ̀tún àti ọ̀tún, tàbí òsì àti òsì, ọ̀kan nínú kámẹ́rà yín ti kọjá ìlà. Ìdí rẹ̀ tí mo fi máa ń kọ orúkọ èjìká sínú ìwé ṣọ́ọ̀tì nìyẹn.

Èkejì, ẹ fi fóònù ya fọ́tò kan ní ojú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá lọ wo ilé, kí ẹni méjì jókòó sípò àwọn òṣèré. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi ìka yí àwọn fọ́tò náà lọ síwájú sẹ́yìn. Bí ojú ẹni méjì náà bá ń pàdé láàárín, ó ti dára. Bí wọ́n bá jọ ń wo apá kan, ẹ padà sí pílánù.

Ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó yẹ kí n yà á sí pílánù?

Ó yẹ gan-an. Èyí ló dà mí láàmú jù nínú síìnì yìí. Ọmọ Yorùbá kò ní wọlé tọ ìyá rẹ̀ kó kàn wọ́ àga jókòó, pàápàá ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fẹ́rẹ̀ẹ́ gba mítà 2 nílẹ̀. Mo ya á sórí bébà bí igi tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3.5, mo sì wá ibi tí mo máa tẹ́ ẹ sí láàárín àga méjèèjì. Kò gbà. Mítà 1.6 ló wà láàárín ojú àwọn méjèèjì, orúnkún Màmá àti àga Délé sì ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kó dọ̀bálẹ̀ sí ilẹ̀ tó ṣófo ní ìsàlẹ̀ yàrá, kó forí kọ ẹsẹ̀ Màmá láti ẹ̀gbẹ́. Mo yà á bẹ́ẹ̀, mo fa ìlà láti ojú Màmá dé orí Délé nílẹ̀, ìlà náà dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí igun ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún. Kámẹ́rà wáìdì ṣì wà ní apá tó dára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn àga Délé ti bọ́ sí òdìkejì ìlà tuntun yìí. Ìyẹn ni pé nígbà tí Màmá bá ń wolẹ̀ tó ń sọ pé "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, dìde," òsì ló máa wò. Tí Délé bá sì jókòó tán, ọ̀tún ló máa wò. Láti ojú kámẹ́rà kan náà, láìsún un kúrò lójú kan.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo gbé àga Délé lọ sí ìdí ògiri ọwọ́ ọ̀tún ní ìbẹ̀rẹ̀ síìnì. Délé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀gangan ibi tí ó máa padà jókòó sí, orí rẹ̀ wà níwájú ẹsẹ̀ Màmá, ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà lọ́nà ògiri. Màmá ní kó jókòó. Ó fa àga náà wá síwájú. Ìlà kò kúrò lójú kan láti ìgbà tó ti dọ̀bálẹ̀. Fífa tó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀ tún sọ fún wa, láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, pé ó ní ohun tó wá tọrọ.

Ẹ rántí gíga ojú pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ ya ojú Màmá nígbà tó ń wo Délé nílẹ̀, ẹ lẹ téèpù funfun mọ́ ilẹ̀ ní ibi tí orí Délé wà, kí Màmá máa wo téèpù náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú rẹ̀ á wà ní gíga ẹni tó jókòó, á sì dà bíi pé kò rí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi kò ya èyí lọ́tọ̀. Mo jẹ́ kí wáìdì gbé gbogbo ìkíni, torí ìdọ̀bálẹ̀ dára lójú nígbà tí a bá rí gbogbo ara.

Báwo ni mo ṣe ń mọ lẹ́ǹsì tó máa gba ohun tí mo fẹ́?

Ìṣirò kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ẹ mú bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí òṣèré, ní mítà. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ ojú tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán, kí ẹ fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì pín in. Ohun tó bá jáde ni fífẹ̀ ohun tí àwòrán máa gbà, ní mítà. Fún kámẹ́rà tí mẹ́nù rẹ̀ ń pè ní S35, fífẹ̀ yẹn jẹ́ bíi mílímítà 24. Fún èyí tó ń pè ní Full Frame, mílímítà 36 ni.

Ẹ jẹ́ ká fi wáìdì dán an wò pẹ̀lú S35. Kámẹ́rà há mọ́ ògiri ìsàlẹ̀, mítà 2.5 sí ìlà ojú. Mo fẹ́ rí bíi mítà 3, kí àga méjèèjì lè wọlé tán. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24: 2.5 lọ́nà 24, ká fi 24 pín in, ó jẹ́ mítà 2.5. Kò tó. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18, ó di mítà 3.3. Ó tó. Ká ní mi ò ṣírò rẹ̀ ni, lẹ́ǹsì 24 nìkan ni ǹ bá yá wá, ǹ bá sì dé ibẹ̀ kí n máa fẹ̀yìn ti ògiri.

Fún ojú tó sún mọ́ wa, kámẹ́rà wà ní mítà 2. Lẹ́ǹsì 50 á gba fífẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, ìyẹn orí dé àyà. Lẹ́ǹsì 85 á gba bíi sẹ̀ǹtímítà 56, ìyẹn ojú àti ọrùn. Ohunkóhun tí ẹ bá yàn fún Màmá, òun náà ni kí ẹ yàn fún Délé: lẹ́ǹsì kan náà, ìjìnnà kan náà, kámẹ́rà ní gíga ojú. Bí orí ọ̀kan bá tóbi ju ti èkejì lọ nígbà tí a bá gé wọn pọ̀, òǹwòran á rò pé a fẹ́ sọ nǹkan fún un. Bí ẹ bá ní nǹkan láti sọ, ó dáa. Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni, á máa yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹni tó ń fi fóònù ṣiṣẹ́ kò nílò ìṣirò yìí. Kó gbé fóònù náà dúró sójú ibẹ̀, kó wò ó, kó kọ ìjìnnà rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni kí n wá kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀tì?

Nọ́ńbà, ohun tí a rí, lẹ́ǹsì, àti gbólóhùn tí ṣọ́ọ̀tì náà ti bẹ̀rẹ̀ dé èyí tó ti parí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ, òun ló sì ń gba àkókò là, torí kì í ṣe gbogbo ojú kámẹ́rà ló yẹ kí wọ́n ti ṣe síìnì látòkè délẹ̀. Bí tèmi ṣe rí nìyí:

1. Wáìdì láti ògiri ìsàlẹ̀, lẹ́ǹsì 18. Láti ìgbà tí Délé wọlé títí ó fi dé ojú fèrèsé.
2. Màmá, láti ẹ̀yìn èjìká òsì Délé, lẹ́ǹsì 50. Láti ìgbà tí Délé jókòó dé ìlà pupa.
3. Ojú Màmá nìkan, lẹ́ǹsì 85. Gbólóhùn méjì ṣáájú ìlà pupa, títí Délé fi dìde.
4. Màmá níwájú, Délé lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ǹsì 35. Láti ìgbà tí Délé dìde dé òpin.
5. Délé, láti ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún Màmá, lẹ́ǹsì 50. Gbólóhùn kan náà pẹ̀lú 2.
6. Ojú Délé nìkan, lẹ́ǹsì 85. Gbólóhùn kan náà pẹ̀lú 3.
7. Ọwọ́ Màmá tó ń tú etí ìró rẹ̀ tó sì tún ń so ó. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wò ó pé 3 bẹ̀rẹ̀ ní gbólóhùn méjì ṣáájú ibi tí mo fẹ́ lò ó. Òṣèré nílò àyè láti gun òkè kó tó dé orí rẹ̀, ẹni tó ń gé fíìmù náà sì nílò àyè láti yan ibi tó máa gé e sí.

Nígbà tí Délé kọjá lọ sí fèrèsé, ṣé kò ti da ìlà rú?

Ó dà á rú, ṣùgbọ́n a rí i nígbà tó ń dà á rú, ìyẹn ni kò jẹ́ kó burú. Délé gba iwájú Màmá kọjá, láàárín rẹ̀ àti kámẹ́rà wáìdì, láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ojú òǹwòran tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá dúró, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ẹ̀yìn Màmá ló wà báyìí. Ẹ má gé ìrìn náà kúrò. Bí a bá rí Délé lórí àga, tí a tún rí i lójú fèrèsé láìrí bó ṣe débẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn òǹwòran á ti dúró.

Láti ibi yìí lọ, ẹ ya pílánù tuntun. Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan, ọfà á pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tó máa lè kà á lọ́jọ́ iṣẹ́. Pílánù A jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n jókòó, B jẹ́ ti ìgbà tí Délé ti dúró.

Pílánù B ló fún mi ní ṣọ́ọ̀tì 4. Màmá kò yí ojú padà, Délé kọ ẹ̀yìn sí i, kò sí ojú tó pàdé ojú. Mo ti fẹ́ ya ojú kálukú lọ́tọ̀, kí n tó rí i lórí bébà pé bí kámẹ́rà bá dúró síwájú Màmá tó sì kọjú sí fèrèsé, àwọn méjèèjì á wọ inú àwòrán kan: ìyá níwájú, ọmọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí ìyá ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́. Ṣọ́ọ̀tì kan gbé gbogbo ìparí síìnì. Ìwé ṣọ́ọ̀tì nìkan kì bá ti fi èyí hàn mí.

Ètò wo ni kí n fi yà wọ́n? Ṣé kí n tẹ̀ lé nọ́ńbà?

Ẹ tẹ̀ lé ibi tí kámẹ́rà kọjú sí. Lẹ́yìn wáìdì, ṣọ́ọ̀tì 2, 3, 4 àti 7 ló kọjú sí ògiri fèrèsé. 5 àti 6 kọjú sí ògiri ilẹ̀kùn. Ẹ parí apá kan pátápátá kí ẹ tó kó iná lọ sí apá kejì, torí kíkó iná ni ó ń jẹ àkókò jù.

Oòrùn ló sọ apá tó máa ṣáájú. Fèrèsé wà ní ìwọ̀ oòrùn. Ní òwúrọ̀, ìmọ́lẹ̀ tútù ló ń gbà ibẹ̀ wọlé, a lè rí Màmá dáadáa. Lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn á wọlé tààrà, fèrèsé á funfun bí iná, ojú Màmá á ṣókùnkùn. Nítorí náà apá Màmá ló ṣáájú. Bí mo ṣe pín ọjọ́ náà nìyí: wáìdì láti aago 9:00 sí 10:20, pẹ̀lú títo iná. Ṣọ́ọ̀tì 2 dé 11:00, 3 dé 11:30, 4 dé 12:10, 7 dé 12:30. Oúnjẹ dé 1:15. A kó iná, a ya 5 dé 2:25, a ya 6 dé 2:55. Ẹ kíyè sí i pé ṣọ́ọ̀tì 3 yá ju 2 lọ: ojú ibì kan náà ni, lẹ́ǹsì la kàn pààrọ̀.

Ìdí mìíràn tún wà fún un. Ẹni tó ń ṣe Màmá sábà máa ń jẹ́ àgbà, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó sọ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá.

Ẹ pa fíríìjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú ohùn, kí ẹ sì kọ "tan fíríìjì" sí ìsàlẹ̀ ìwé ṣọ́ọ̀tì, kí ẹran onílé má baà bàjẹ́. Kí ẹ tó kúrò nínú yàrá náà, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí a gba ohùn yàrá lásán. Èyí náà ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé.

Bí a bá ń ya ojú Màmá nìkan, ṣé kí ẹni tó ń ṣe Délé lọ sinmi?

Rárá. Kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan lẹ́ǹsì, ní apá tó wà nínú pílánù, kó sì máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe sún mọ́ lẹ́ǹsì tó ni a ó ṣe rí inú ojú Màmá tó. Ẹ ya róbótó rẹ̀ sí pílánù níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹlòmíràn bá ní láti kà á fún un, kó jókòó ní gíga kan náà.

Kámẹ́rà méjì ńkọ́, ṣé kò ní yá jù?

Ó lè yá, ṣùgbọ́n ẹ ya àwọn méjèèjì sí pílánù kí ẹ tó gbà. Nínú yàrá mítà 4, bí ọ̀kan bá ń wo Màmá tí èkejì ń wo Délé lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á rí èkejì rẹ̀ àti iná rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá fà wọ́n jìnnà sí ìlà, ojú òṣèré á sì di ẹ̀gbẹ́ ojú. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí méjèèjì kọjú sí ibì kan, ọ̀kan fún 2, èkejì fún 3.

Bí àkókò bá fẹ́ tán, èwo ni kí n yọ?

Ẹ pinnu rẹ̀ nílé, kí ẹ fi àmì sí i nínú ìwé. Nínú méje yìí, 5 ni màá yọ. Wáìdì á gbé ọ̀rọ̀ Délé ní ìdajì àkọ́kọ́, a kò sì ní pàdánù ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ pé nítorí òun ni ìwé ilẹ̀ ṣe lọ, torí 6 ṣì wà. Àwọn ènìyàn á sọ pé kí ẹ yọ 7, pé ọwọ́ lásán ni. Ẹ má yọ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú péré ni, bí gbólóhùn kan bá sì gùn jù tí a fẹ́ gé e kúrò, ọwọ́ Màmá tó ń tú etí ìró ni a ó fi bo ojú ibi tí a ti gé e. 3 àti 6 ni mi ò ní fọwọ́ kàn, kódà bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, tó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan ló kù, ẹ gbé àga méjèèjì sún mọ́ ọn kí ẹ yà wọ́n.